Ọsàn Dé, Orí Rẹ̀ Ti Kán: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Gba Owó Padà Lọ́wọ́ Olùta Ọ̀gbìn

Ọjà ẹlẹ́mìí ni ọ̀gbìn. Bí aṣọ bá ya nínú páálí, bó ṣe ya lónìí náà ni yóò ṣe rí lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kán lónìí lè rọ lọ́la, ó lè gbẹ lọ́tùnla, ó sì lè rú ewé tuntun kí oṣù tó parí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn tó bàjẹ́ fi máa ń le: kí olùtà tó rí i, ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn án ti yí padà.

Bí ẹ bá kọ̀wé sí olùtà pé ọjà rẹ̀ bàjẹ́, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn: ìgbà wo ló bàjẹ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ òun ni, àbí ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀, àbí ẹ̀yin tí ẹ gbà á lẹ gbé e sínú oòrùn? Ibi ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni owó wà. Ẹ lè fi ìbínú kún ojú ewé mẹ́ta, bí ẹ kò bá dáhùn rẹ̀, olùtà á ní ẹ kú ìnira, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Iṣẹ́ tí lẹ́tà àti fọ́tò jọ ń ṣe ni láti dáhùn rẹ̀ débi tí kò fi ní sí àríyànjiyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀gbìn kan ṣoṣo, ká fi ṣe àpẹẹrẹ: ọsàn mímu, irú èyí tí wọ́n ń so pọ̀ ní nọ́sìrì. Ká ní olùrà kan ní Adó-Èkìtì san owó fún méjìlá lọ́dọ̀ olùtà kan ní Ìbàdàn. Olùtà di wọ́n sínú páálí, ó gbé wọn lọ sí gáréèjì, ó fi wọ́n ránṣẹ́ ní wébíìlì. Olùrà gba páálí ní gáréèjì Adó, ó gbé e délé, ó tú u. Mẹ́rin nínú wọn ti kán lórí. Ọ̀kan, iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ ti tú dànù, gbòǹgbò sì ti já. Méjì ti gbọn ewé sílẹ̀. Márùn-ún yòókù dúró pa.

Ohun tí ẹ rà gan-an

Kí a tó sọ pé ọjà bàjẹ́, ó yẹ ká mọ ohun tí a rà. Ọsàn tí nọ́sìrì ń tà kì í ṣe igi kan, igi méjì ni. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin kóró irú lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí ara èso rẹ̀ rí ṣákaṣàka, tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, tí ó sì ní ẹ̀gún. Bí igi yẹn bá ti tó pẹ́ńsùlù ní sísanra, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀, wọ́n á ti ojú ẹ̀ka kan tí wọ́n gé lára igi ọsàn dídùn bọ ibẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rá wé e títí méjèèjì á fi di ara kan. Nígbà tí ojú ọsàn bá ti yọ ẹ̀ka, wọ́n á gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù kúrò. Láti ìgbà yẹn lọ, lẹ́mọ́ọ̀nù ló ni gbòǹgbò, ọsàn ló sì ni gbogbo ohun tó wà lókè.

Ibi tí igi méjèèjì ti pàdé hàn gbangba lára ọ̀gbìn. Igi máa ń tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń wú díẹ̀, àwọ̀ èèpo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti òkè. Ibẹ̀ la ó máa pè ní ojú ìdàpọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Òun ni olùrà sanwó lé lórí. Kóró ọsàn tí ẹ bá gbìn fúnra yín kò náni ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí tí wọ́n so pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ sì mọ irú ọsàn tí yóò so.

Ojú ìdàpọ̀ yìí náà ni ibi tí ó máa ń kán bí ọ̀gbìn bá kéré, tí nǹkan sì wúwo lé e lórí. Bí ó bá kán níbẹ̀, apá ọsàn ti lọ, lẹ́mọ́ọ̀nù ló kù. Gbòǹgbò rẹ̀ kò kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú tuntun á yọ lára kùkùté ìsàlẹ̀, ewé á rú, igi á sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á dúpẹ́ pé Ọlọ́run bá òun ṣe é. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń so lẹ́mọ́ọ̀nù kíkan ni yóò bá nínú oko.

Nítorí náà, bí olùtà bá dáhùn pé, “Ẹ máa bomi rin ín, á hù padà,” ó lè má jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Á hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò hù kì í ṣe ohun tí ẹ rà. Lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ sọ ibi tí igi ti kán: lórí ojú ìdàpọ̀ ni àbí lókè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkè rẹ̀, tí ó sì ku ojú méjì tàbí mẹ́ta ti ọsàn lára rẹ̀, igi yẹn ṣì jẹ́ ọsàn, á sì tún ẹ̀ka yọ. Ìbàjẹ́ kékeré nìyẹn, a lè bẹ̀ fún ẹ̀dínwó. Bí ó bá jẹ́ lójú ìdàpọ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjà ti parun, bó tiẹ̀ wà láàyè.

Bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń sọ ìgbà

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè olùtà: ìgbà wo ló bàjẹ́? Ojú ibi tí igi ti kán máa ń jẹ́rìí. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán láàárín ọjọ́ kan, inú igi á funfun tàbí kí ó rí bí ìpara, á tutù lọ́wọ́, èèpo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Orí tó já bọ́ á wà nínú páálí, ewé rẹ̀ á ti rọ, ṣùgbọ́n kò ní í tíì gbẹ. Bí ọgbẹ́ bá ti pẹ́, inú igi á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á ti gbẹ, etí èèpo á ti ká wọlé tàbí kí ó ti máa wú bí ìgbà tí egbò ń san. Orí tó já náà lè má sí nínú páálí rárá, torí nọ́sìrì ló ti bọ́ sílẹ̀.

Gbòǹgbò náà ń sọ̀rọ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá tú lójú ọ̀nà, ẹ ó rí i nílẹ̀ páálí, ẹ ó sì rí ọ̀rá tó ti ṣófo dé ìdajì. Gbòǹgbò tó já á funfun níbi tó ti já. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá dúdú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tó sì ń rùn bí omi ìdọ̀tí, kì í ṣe ọkọ̀ ló ṣe é. Omi ló ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ olùtà. Bákan náà ni kòkòrò funfun tó rí bí òwú lábẹ́ ewé, àti èérí dúdú tó bo ewé bí èédú. Ìwọ̀nyí kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan nínú páálí.

Ewé tó gbọ̀n dànù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọsàn tó bá wà nínú òkùnkùn àti ooru fún ọjọ́ kan tàbí méjì lè ju ewé sílẹ̀, kí ó sì tún yọ òmíràn. Ẹ fi èékánná ha èèpo igi díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tó sì tutù, igi náà yè. Ẹ gbé e síbi ìbòòji, ẹ máa bomi rin ín níwọ̀n, ẹ má sì béèrè owó lé e lórí. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ tó sì pọ́n láti òkè dé ìdí, igi yẹn ti kú. Olùrà wa ní Adó ha méjì tó gbọn ewé wò, ó bá a pé wọ́n tutù, ó yọ wọ́n kúrò nínú ohun tó ń béèrè. Ohun tó ṣe yìí yóò wúlò fún un nígbà tó bá ń kọ lẹ́tà, torí olùtà tó bá rí i pé olùrà kò ka ohun tó dára mọ́ ohun tó bàjẹ́ á gba èyí tó kù gbọ́.

Fọ́tò mẹ́fà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn tú páálí tán, kí ó gbé ọ̀gbìn tó kán sí ọwọ́ kan, kí ó fi ọwọ́ kejì ya á. Fọ́tò yẹn fi hàn pé igi kán. Kò fi hàn pé inú páálí ló ti kán. Ẹ tò ó báyìí:

Àkọ́kọ́, páálí kó tó di títú, kí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára àti ìwé wébíìlì hàn. Bí páálí bá ti tẹ̀ tàbí ya, ẹ ya á ní gáréèjì kó tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí ẹni tó fi lé yín lọ́wọ́ kọ ọ́ sára ìwé wébíìlì pé ó tẹ̀.

Èkejì, páálí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, láti òkè wá, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Fọ́tò yìí ló níyì jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun ló ń fi hàn bí wọ́n ṣe tò ó: ṣé wọ́n dúró ṣánṣán tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ igi, àbí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn?

Ẹ̀kẹta, gbogbo ọ̀gbìn lórí ìlà kan nílẹ̀, kí iye wọn pé, kí èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́ jọ wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kán, láti tòsí, pẹ̀lú rúlà tàbí owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn. Ojú ìdàpọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò yìí. Bí ẹ bá ní mẹ́rin tó kán, ẹ so nọ́ńbà mọ́ wọn lára, 1 sí 4, kí ẹ tó ya wọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, orí tó já, tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté rẹ̀, kí ó hàn pé méjèèjì bára mu, kí bí ewé rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà sì hàn.

Ẹ̀kẹfà, gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ tó tú, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ ya wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tàbí lábẹ́ ìbòòji tó mọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń mú kí inú igi funfun jù, kò sì ní í jẹ́ kí àwọ̀ ọgbẹ́ hàn. Iná fóònù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ẹ mọ̀ pé fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lọ́nà tó wọ́pọ̀ máa ń dín kù ní mímọ́, ọjọ́ àti aago tí fóònù kọ sínú rẹ̀ kì í sì í bá a lọ. Bí ẹ bá tẹ àmì ìsomọ́, ẹ yan `Document` dípò ibi tí ẹ ti ń yan fọ́tò tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Bó ṣe wà nínú fóònù yín gan-an ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ olùtà. Ẹ má gé e kù, ẹ má kọ nǹkan sí i lórí, ẹ má sì pa ti inú fóònù yín rẹ́ títí owó yóò fi wọlé.

Ìdí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbìn ín

Ọkàn agbẹ̀ kò ní í gbà á kí ọ̀gbìn wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbìn lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Òfin ọjà títà tí à ń lò ní àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wá láti inú òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893. Ó fún olùrà láàyè láti yẹ ọjà wò kó tó gbà á. Bí olùrà bá wá lo ọjà náà gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀, tàbí tó dákẹ́ pẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí àkókò tó tó ti kọjá, òfin á kà á sí pé ó ti gbà á. Ẹni tó ti gba ọjà lè ṣì béèrè owó ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtidá ọjà padà kí ó gba gbogbo owó rẹ̀ ti lè dí. Ẹ kò lè gbin igi sínú ilẹ̀ yín tán, kí ẹ wá ní ẹ kò gbà á.

Ẹ fi àwọn tó bàjẹ́ sínú ọ̀rá wọn, ẹ gbé wọn síbi ìbòòji, ẹ bomi rin wọ́n díẹ̀. Èyí tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tú, ẹ fi àpò tó tutù wé gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ kò tún ní láti san owó ọkọ̀ láti dá wọn padà sí Ìbàdàn, àyàfi bí ẹ bá jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà sọ pé ó tó kí olùrà tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọjà jẹ́ kí olùtà mọ̀ pé òun kọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un nínú lẹ́tà pé wọ́n wà lọ́dọ̀ yín, kí ó wá wò wọ́n tàbí kí ó rán ẹni wá.

Ta ló ni ẹ̀bi ojú ọ̀nà?

Ibí yìí ló le jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń ṣubú. Lábẹ́ òfin yẹn, bí olùtà bá ti fa ọjà lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ láti gbé e wá fún olùrà, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn, wọ́n á kà á sí pé ó ti fi ọjà jíṣẹ́. Olùtà lè wá sọ pé, “Ó kúrò lọ́dọ̀ mi láìléwu. Ẹ lọ bá dírẹ́bà.” Dírẹ́bà ní tirẹ̀ á sọ pé páálí ni wọ́n gbé fún òun, òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi olùtà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ọlọ́kọ̀ ṣe ètò tó bá irú ọjà náà mu. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọjà sì bàjẹ́ lọ́nà, olùrà lè kọ̀ láti ka ìfàlélọ́wọ́ yẹn sí jíjíṣẹ́, tàbí kí ó mú olùtà sí i. Ìdí nìyí tí fọ́tò kejì fi níyì tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi hàn pé àwọn ọ̀gbìn dùbúlẹ̀ lórí ara wọn láìsí okùn tàbí igi tó gbé wọn dúró, tí ara páálí kò sì ní àmì kankan pé ó dúró sókè ni kí wọ́n gbé e, ọwọ́ ẹni tó dì í ni ẹ̀bi wà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n dì í dáadáa, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kí wọ́n má gbé nǹkan lé e, tí páálí sì tẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yíjú sí. Ìwé wébíìlì tí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ní gáréèjì ló máa gbè yín níbẹ̀. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ wò ó lójú méjèèjì bóyá ẹni tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí ni ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́tà náà

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ olùtà ọ̀gbìn sì jẹ́ ẹni tí ẹ ṣì lè padà lọ rajà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀wọ̀ bo iye owó mọ́lẹ̀. Olùrà wa san ₦3,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦42,000 fún méjìlá, ó sì san ₦6,000 owó ọkọ̀. Márùn-ún ló bàjẹ́. Owó wọn jẹ́ ₦17,500. Owó ọkọ̀ tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦500, ti márùn-ún sì jẹ́ ₦2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Lẹ́yìn àdírẹ́sì méjèèjì àti déètì, ohun tó kọ nìyí:

> Alàgbà,
>
> ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁPADÀ ₦20,000 LÓRÍ Ọ̀GBÌN ỌSÀN MÁRÙN-ÚN TÓ DÉ NÍ BÍBÀJẸ́
>
> Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó. Mo ra ọ̀gbìn ọsàn méjìlá lọ́wọ́ yín, mo sì san ₦42,000 pẹ̀lú ₦6,000 owó ọkọ̀ sínú àkáǹtì yín. Rìsíìtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Páálí náà dé gáréèjì Adó-Èkìtì ní àná. Mo gbà á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì tú u ní aago márùn-ún ọjọ́ kan náà.
>
> Méje nínú wọn dára. Méjì nínú méje yìí gbọn ewé, ṣùgbọ́n ara igi wọn tutù, n kò sì béèrè nǹkan kan lórí wọn.
>
> Mẹ́rin kán ní ojú ìdàpọ̀ gan-an (fọ́tò 4, nọ́ńbà 1 sí 4). Kò ku ojú ọsàn kankan lára wọn, lẹ́mọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Bí wọ́n bá tilẹ̀ hù padà, wọn kì í ṣe ọsàn tí mo rà mọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti kán ṣì funfun, ewé orí wọn kò sì tíì gbẹ nígbà tí mo tú páálí (fọ́tò 5). Èyí fi hàn pé lójú ọ̀nà ni wọ́n ti kán.
>
> Ọ̀kan yòókù, ọ̀rá rẹ̀ fàya, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tú sínú páálí, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ sì já (fọ́tò 6).
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fọ́tò 1 àti 2. Ara páálí kò tẹ̀, kò sì ya. Àwọn ọ̀gbìn dùbúlẹ̀ lórí ara wọn nínú rẹ̀, kò sí okùn tàbí igi tó gbé wọn dúró. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe dì wọ́n ló fa ìbàjẹ́ yìí.
>
> Mo kọ ọ̀gbìn márùn-ún yìí, mo sì ń béèrè ₦17,500 owó wọn pẹ̀lú ₦2,500 owó ọkọ̀ tó kàn wọ́n. N kò tíì gbin èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n wà níbi ìbòòji, ẹ lè rán ẹni wá wò wọ́n tàbí wá kó wọn. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn láti fi márùn-ún mìíràn rọ́pò wọn, tí ẹ ó dì wọ́n ní ìdúró, tí ẹ ó sì san owó ọkọ̀ wọn, n óò gbà bẹ́ẹ̀.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì láàárín ọjọ́ méje. Nọ́ńbà àkáǹtì mi wà nísàlẹ̀ yìí.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹ kíyè sí ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Olùrà ka èyí tó dára kó tó ka èyí tó bàjẹ́. Kò sọ pé olùtà jẹ́ oníjìbìtì. Gbogbo ohun tó sọ ló ní nọ́ńbà fọ́tò tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ó dáhùn “á hù padà” kí olùtà tó sọ ọ́, ó sì dáhùn “ẹ lọ bá dírẹ́bà” náà. Ó ṣírò owó débi tí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣírò, ó sì fún olùtà ní ọ̀nà méjì láti tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Ọjọ́ kejì tí ọjà dé ni kí lẹ́tà yìí ti lọ. Ẹ lè kọ́kọ́ pe olùtà lórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ tú páálí, ó tiẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín ṣáájú ìwé kì í sábà bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìpè fóònù rọ́pò ìwé.

Bí ó bá kọ̀

Bí ọjọ́ méje bá pé tí kò sí èsì, ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní kúkúrú, kí ẹ sì so ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi ẹ̀sùn lọ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC. Òfin ọdún 2018 tó gbé àjọ náà kalẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ ti bá olùtà sọ ọ́, àti ohun tó fi dá yín lóhùn. Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ wà fún gbèsè kéékèèké tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, láti ọdún 2018. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó rẹ̀ sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ibikíbi tí ọ̀rọ̀ bá gbà lọ, lẹ́tà àti fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n á béèrè, ẹ kò sì lè padà lọ ya fọ́tò ọgbẹ́ tuntun lára igi tó ti gbẹ.

Fún ₦20,000, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní í fẹ́ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ bi olùtà kí ẹ tó sanwó, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé tàbí lórí Wásáàpù: “Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà, ta ló ni í?” Bí ó bá dáhùn pé, “Èmi ni, títí yóò fi dé ọwọ́ yín,” òfin ìfàlélọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kò dí yín lọ́nà mọ́, àdéhùn yín ló ṣíwájú rẹ̀. Bí ó bá ní ẹ̀yin ni, ẹ ní kí ó ya fọ́tò bó ṣe dì í kí páálí tó di pípa, kí ó fi ránṣẹ́ sí yín láti gáréèjì. Olùtà tó bá mọ̀ pé òun máa ya fọ́tò yẹn á wá okùn àti igi tí yóò fi gbé ọsàn yín dúró.